Tọ́rẹ́ǹtì Tó Há sí Ìdá 98: Bí BitTorrent Ṣe Ń Pín Fáìlì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹnikẹ́ni tó bá ń fi BitTorrent gba fáìlì ńlá sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Under G ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kí, àwọn ọmọ tó gba yàrá sí àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìbéèrè náà ti ń wá jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú Ọ̀yọ́ náà, ẹ má rò pé kò kàn yín.

Ìbéèrè wọn kò gùn. Wọ́n ní fáìlì tí àwọn ń gbà sáré dé ìdá 98 nínú 100 lóru, ó wá dúró gbagidi síbẹ̀. Dátà ṣì wà nílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò burú, Wáàsáàpù ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ìwọ̀nba tó kù kò wọlé. Ẹlòmíràn á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn. Ẹlòmíràn á pa gbogbo ohun tó ti gbà rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, á sì tún lọ há síbi kan náà, dátà tó fowó rà á ti lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń dá fáìlì náà dúró, àti ibi tí ẹ máa wò lójú kọ̀ǹpútà yín kí ẹ tó mọ èyí tó ń ṣe yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń gba fáìlì lọ́nà tí gbogbo wa mọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo wà níbì kan, òun ló gbé fáìlì náà dání, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń tọ̀ ọ́ lọ. Bí èèyàn 10 bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè tó wọn. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá bá dé, agbára rẹ̀ á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, gbogbo wọn á sì máa rákò. Ní ọdún 2001 ni ará Amẹ́ríkà kan, Bram Cohen, tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀, ó sì pè é ní BitTorrent. Ohun tí Cohen rí ni pé ẹni tó ti gba díẹ̀ nínú fáìlì ti ní ohun tó lè fún ẹlòmíràn, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó dúró dìgbà tó bá gba gbogbo rẹ̀ tán kó tó máa fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i bí ó ṣe lágbára tó. Lọ́dún 2003, Red Hat Linux 9 jáde, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì 1.77. Àwọn olùwádìí tọpa tọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ fún oṣù 5 gbáko, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí kọ̀ǹpútà 180,000 ló kópa nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ nìkan, àwọn tó wá lé ní 50,000. Bí ó bá jẹ́ pé ojúkò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn rọ́ lọ, ibẹ̀ ì bá dojú dé. Àwọn tó wá gbà ni wọ́n gbé ẹrù náà fún ara wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Fáìlì kékeré kan wà tó máa ń parí sí `.torrent`. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fíìmù tàbí ètò tí wọ́n ń wá ló wà nínú rẹ̀. Kò sí i níbẹ̀ rárá. Orúkọ fáìlì ńlá náà ló wà níbẹ̀, àti bí ó ṣe tóbi tó, àti bí a ṣe gé e wẹ́wẹ́. Ká sọ pé fáìlì náà jẹ́ mégábáìtì 1,024, a sì gé e sí ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mégábáìtì 1. Ègé 1,024 nìyẹn. Fún ègé kọ̀ọ̀kan, fáìlì kékeré yìí ní àmì ìdánimọ̀ kan tó gùn tó báìtì 20, tí a fi ìṣirò yọ látinú ègé náà fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà nínú ègé, àmì tí yóò yọ á yàtọ̀ pátápátá. Gbogbo àmì 1,024 náà lápapọ̀ kò ju báìtì 20,480 lọ, èyí tó jẹ́ ogún kílóbáìtì péré. Ìdí nìyẹn tí fáìlì kékeré yẹn fi ń tètè wọlé.

Àmì yìí ló jẹ́ ká lè gba ègé lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí láìbẹ̀rù pé á fún wa ní ayédèrú. Bí ègé kan bá dé, áàpù tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín á ṣe ìṣirò rẹ̀, á fi wé àmì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ó gbà á. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó dà á nù, ó sì tún un béèrè. Ṣùgbọ́n ohun tí àmì náà ń fi hàn kò ju pé ègé tí ẹ gbà bá ti ẹni tó ṣe tọ́rẹ́ǹtì náà mu. Bí ẹni yẹn bá ti fi fáírọ́ọ̀sì sínú fáìlì rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa gba fáírọ́ọ̀sì náà wọlé ní pípé.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe fáìlì `.torrent` ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wáàsáàpù, líǹkì kan ni, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí:

```
magnet:?xt=urn:btih:
```

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Àmì ìdánimọ̀ gbogbo tọ́rẹ́ǹtì náà nìyẹn. Áàpù yín á fi í wá ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ègé gan-an, á gba àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì. Bí áàpù qBittorrent bá kọ `Downloading metadata`, tí kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a jẹ́ pé kò tíì rí ẹnì kan tó máa fún un ní àkọsílẹ̀ yẹn. Kò tíì mọ bí fáìlì yín ṣe tóbi tó pàápàá.

Báwo wá ni kọ̀ǹpútà yín ṣe ń mọ àwọn tó ní ègé? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni kọ̀ǹpútà alárinà kan tí wọ́n ń pè ní tráákà. Kò ní fáìlì kankan lọ́wọ́, orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó wà lórí tọ́rẹ́ǹtì náà nìkan ló ń tọ́jú. Áàpù yín á kí i, á ní òun dé, tráákà á sì fún un ní àdírẹ́sì àwọn mélòó kan. Ọ̀nà kejì dé ní ọdún 2005, wọ́n ń pè é ní DHT. Ní tòun, kò sí alárinà kan pàtó. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo tọ́rẹ́ǹtì káàkiri ayé ló pín ìwé àdírẹ́sì náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, olúkúlùkù ń tọ́jú tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń júwe ọ̀nà fún ara wọn.

Gbogbo àwọn tó wà lórí tọ́rẹ́ǹtì kan ni a ń pè ní píà. Èyí tó bá ti ní gbogbo ègé 1,024 lọ́wọ́ láìku ẹyọ kan, tó sì ṣì ṣí áàpù rẹ̀ sílẹ̀ tó ń fún àwọn yòókù, òun ni sídà. Ẹ fi sọ́kàn pé bí ẹ bá gba fáìlì yín tán lónìí, ẹ ti di sídà nìyẹn, títí ẹ ó fi pa áàpù náà.

Àwọn píà kì í gba ègé lẹ́sẹẹsẹ láti orí 1 dé 1,024. Áàpù yín á kọ́kọ́ bi gbogbo àwọn tó bá kàn sí pé ègé wo ni wọ́n ní. Á wá ṣe ìṣirò, á wo èyí tó ṣọ̀wọ́n jù láàárín wọn, èyí ni yóò sì kọ́kọ́ béèrè. Bí èèyàn 20 bá ní ègé 5, tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní ègé 700, ègé 700 ló máa lé. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ẹni kan ṣoṣo yẹn lè pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbàkígbà. Kí ó tó lọ, ó yẹ kí ègé náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ fífúnni náà ní òfin tirẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì mọ àáró tí àwọn àgbẹ̀ wa ń ṣe, òfin náà kò ní ṣàjèjì sí yín. Ẹni tó bá wá ro oko wa lánàá, oko rẹ̀ la máa ro lónìí. Bí Cohen ṣe kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn gan-an. Nínú ètò ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, áàpù kì í fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí èèyàn 4 ló ń fún. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 10, á ṣàyẹ̀wò ẹni tó ń fún un ní nǹkan jù, àwọn yẹn náà ni yóò máa fún padà. Ẹni tí kò fún un ní nǹkan kan á dúró sí ìta. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì ní ègé kankan tó lè fi ṣe àáró, àfi ká ṣàánú rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30, áàpù á ṣí ààyè kan fún ẹnì kan láìwo ohun tó ní lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń rí ègé àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó lọ sínú ètò áàpù rẹ̀ tó dín ohun tó ń fún èèyàn kù dé ìwọ̀n tí kò tó nǹkan, ara rẹ̀ ló ń dínà mọ́. Àwọn píà yòókù á yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, á wá ku àánú ìṣẹ́jú-àáyá 30 àti ohun tí àwọn sídà bá fún un, torí sídà kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tọ́rẹ́ǹtì tó há. Màá fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé olórí kíláàsì kan ní Under G ní fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì fúnra wọn ká sílẹ̀, mégábáìtì 1,024 náà ni. Ó wá sọ ọ́ di tọ́rẹ́ǹtì, ó fi líǹkì sójú ìwé kíláàsì, àwọn 15 sì ṣí i. Àwọn kan wà ní Ọ̀yọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, àwọn kan ti lọ sílé n'Íbàdàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé gbogbo wọn lè kàn sí ara wọn láìsí ìdíwọ́. N óò padà sórí ìyẹn.

Olórí kíláàsì yìí nìkan ni sídà. Íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbé kílóbáìtì 200 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá fi ègé kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú 87 kí gbogbo ègé 1,024 tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ègé 30 lọ sí Ọ̀yọ́, 50 lọ sí Ìbàdàn, àwọn yẹn náà ń pín in fún ara wọn bó ṣe ń dé. Nígbà tí ègé 1,007 ti jáde, wọ́n mú iná lọ. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ní bátìrì, ṣùgbọ́n ráútà rẹ̀ kò ní, ó kú lójú ẹsẹ̀. Olórí kíláàsì rò pé ó ti tó, ó sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn 15 yòókù lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Fáìlì wọn kò dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó wà ní ìdá 60 ń gòkè lọ, ẹni tó wà ní 85 ń gòkè lọ, torí ègé tí òun kò ní wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ń pín in títí gbogbo wọn fi dé orí nọ́ńbà kan náà, 98.3, wọ́n sì dúró síbẹ̀ pọ̀. Ègé 1,007 nínú 1,024 nìyẹn. Ègé 17 tó kù kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó wà lórí láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ní Under G, láàpútọ́ọ̀pù náà kò sì sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bí iná bá dúró fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí i, gbogbo wọn ì bá gbà á tán, olórí kíláàsì ì bá sì lè sùn láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí ẹ ṣe lè dá irú èyí mọ̀ kò le. Nínú qBittorrent, ohun tó máa kọ síwájú fáìlì náà ni `Stalled`. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ `Availability` sí. Ó ń sọ iye odindi fáìlì tí ẹ lè rí lọ́wọ́ gbogbo àwọn tí ẹ kàn sí bí a bá kó ègé wọn jọ. Bí ó bá jẹ́ 3 tàbí 7, fáìlì náà wà lọ́pọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí kò bá tó 1, bí ó ti jẹ́ 0.983 nínú àpẹẹrẹ wa, kò sí bí ẹ ṣe lè gbà á tán lákòókò yẹn, kódà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín máa sáré bí ẹṣin. Ẹ tún wo ojú ìwé `Peers`. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo wọn wà lórí nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú yín, tí kò sí ẹni tó wà ní 100 láàárín wọn, sídà ti lọ nìyẹn. Kí ẹ pa á rẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun kò ní yọrí sí nǹkan kan. Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ègé tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ń wá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹni tó ní odindi fáìlì padà wá. Ẹ pè é lórí fóònù. Bí kò bá ṣeé ṣe, bí ẹnì kan bá ní fáìlì yẹn gan-an lórí fíláàṣì, ẹ dá tọ́rẹ́ǹtì náà dúró díẹ̀, ẹ da fáìlì yẹn sínú fódà tí áàpù ń lò, kí orúkọ rẹ̀ má yí padà. Ẹ wá yan `Force recheck`. Áàpù á fi gbogbo ègé wé àmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á gba èyí tó bá bára mu. Bí fáìlì náà bá péye, ẹ di sídà lójú ẹsẹ̀, àwọn 14 yòókù á sì rí ègé 17 wọn gbà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ fáìlì kan náà láìyàtọ̀ báìtì kan. Fídíò kan náà tí wọ́n ti fún kéré láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù kò ní bá a mu.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe tọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀, torí pé owó dátà ló ń bá a lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, mo sọ pé olórí kíláàsì kò fi ègé kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní tòótọ́, sídà lásán máa ń fi ègé kan náà fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ná ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì ìwọ̀n fáìlì náà kí odindi kan tó wà níta. Nínú qBittorrent, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní `Super seeding mode`. Bí ẹ bá yàn án, áàpù kò ní fi ègé mìíràn han píà kan àfi tó bá ti rí i pé èyí tó fún un tẹ́lẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Báyìí, ohun tí ẹ máa ná á súnmọ́ ìwọ̀n fáìlì náà fúnra rẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ sídà kan ṣoṣo ni ó dára fún. Bí sídà bá ti di méjì mẹ́ta, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ó ku ìdí kejì, òun ló sì ń yọ àwọn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù lẹ́nu jù. Mo ní ká gbà pé gbogbo wọn lè kàn sí ara wọn. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì irú ti àtijọ́ kò pọ̀ tó, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà pọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè kan sí ẹni tó wà níta, ìyẹn ni Wáàsáàpù rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè ṣàdédé kan sí i, torí kò mọ èwo nínú àwọn èèyàn náà ni òun ń wá. Bí píà méjì bá wà lẹ́yìn irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Olórí kíláàsì tó ń lo fóònù rẹ̀ fún íńtánẹ́ẹ̀tì ní Under G, àti ọmọ kíláàsì tó ń lo ti ara rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, lè ṣí áàpù wọn mọ́jú kí ègé kan má kọjá láàárín wọn.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà dá èyí mọ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́ wà níbi tí wọ́n kọ `Seeds` sí. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú akámọ́. Ti ìta ni iye sídà tí ẹ ti kàn sí, ti inú akámọ́ ni iye tí tráákà sọ pé ó wà. Bí ẹ bá rí `0 (0)`, kò sí sídà. Bí ẹ bá rí `0 (14)` fún ìgbà pípẹ́, sídà wà, àmọ́ ọwọ́ yín kò tó wọn. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ áàpù náà. Bí ó bá kọ `No direct connections`, kò tíì sí ẹni tó kan sí yín láti ìta. Ẹni tó ní ráútà lè wo àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ dátà fún ráútà náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí pẹ̀lú 100 tí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì wà láàárín 64 sí 127, ẹ wà lẹ́yìn àdírẹ́sì àjọlò nìyẹn. Títẹ ètò ráútà láti ṣí pọ́ọ̀tù kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí ilẹ̀kùn tó tì kì í ṣe tiyín.

Síbẹ̀, píà kan ṣoṣo tó ṣeé kàn sí ti tó láti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lè jáde lọ bá a, kó ègé wọn fún un, kí wọ́n sì gba ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí tọ́rẹ́ǹtì Ubuntu, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá ń fún èèyàn káàkiri ayé, fi ń wọlé wéréwéré lórí dátà fóònù, tí èyí tí ọ̀rẹ́ méjì ṣe fún ara wọn kì í fi í bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn tó wà nínú ilé kan náà ní Under G, ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nínú ètò qBittorrent, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `Local Peer Discovery` sí, kí ẹ rí i pé ó wà ní títàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá àwọn píà tó wà lórí wáìfáì kan náà pẹ̀lú yín. Ubuntu 24.04 tó gígábáìtì 6. Bí èèyàn 6 nínú ilé kan bá gbà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gígábáìtì 36 ni wọ́n máa ná. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbà á tán lóru, tó fi áàpù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, tí àwọn 5 yòókù sì wá ṣí tọ́rẹ́ǹtì kan náà lórí wáìfáì rẹ̀, inú ráútà yẹn ni ègé á ti máa kọjá láti yàrá dé yàrá. Kí wọ́n má baà máa gbà lára rẹ̀ láti ìta, kí wọ́n yọ ráútà náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí wọ́n á fi gbà á tán. Bákan náà, àwọn méjì tí ilẹ̀kùn àdírẹ́sì àjọlò tì mọ́ lè gbé láàpútọ́ọ̀pù wọn sórí wáìfáì kan náà, ọ̀ràn náà á sì yanjú. Àwọn wáìfáì kan wà, bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì, tí kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ rí ara wọn. Níbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa òfin, torí àáró tí mo ṣàlàyé ló fà á. Ẹni tó bá ń gba fíìmù olówó pẹ̀lú tọ́rẹ́ǹtì kò gbà á nìkan, ó ń pín in fún ẹlòmíràn lákòókò kan náà, gbogbo ẹni tó wà lórí tọ́rẹ́ǹtì náà ló sì lè rí àdírẹ́sì rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò fàyè gba pípín iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ubuntu, LibreOffice, àti ọ̀pọ̀ ohùn àti ìwé tí Internet Archive fi tọ́rẹ́ǹtì sí, a lè pín wọn láìrú òfin.

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ síta ń jẹ dátà yín bí èyí tó ń wọlé ṣe ń jẹ ẹ́. N kò lè ní kí ẹni tó ń ra gígábáìtì ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ di sídà títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dátà òru tó máa kú bílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi áàpù yín sílẹ̀ ní ṣíṣí di ìdájí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fáìlì síta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ráútà yín mọ́ ohun tí kò ní kú bí iná bá lọ, kí ẹ má sì pa áàpù náà títí ẹ ó fi rí ẹnì kan, ó kéré tán, tó dé 100 lójú ìwé `Peers`. Bí kò bá hàn sí yín, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù kí ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sùn.